Kọ́bọ̀ Méjì Tó Lé Nínú Àròpọ̀

Ká sọ pé ilé kan wà ní Ẹ̀sítéètì Gowon, ní Alímọ̀ṣọ́, tí fúláàtì mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Wọ́n jọ ra dísù sínú jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦25,000. Áàpù tí wọ́n fi ń pín owó kọ ₦4,166.67 síwájú orúkọ fúláàtì kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ₦25,000.00 sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀. Ẹnì kan ní fúláàtì kẹta wá gbé fóònù rẹ̀, ó fi 6 sọ 4,166.67 di púpọ̀, ó rí ₦25,000.02. Kọ́bọ̀ méjì lé. Kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni lè fi ra nǹkan kan lónìí, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ kò kéré: bí ìwé owó kò bá lè ro ara rẹ̀ pọ̀, kí la fẹ́ fi gbà á gbọ́?

Àwa tí a ń kọ sọ́fítíwíà ní ìdáhùn kan tó máa ń wà lẹ́nu wa fún irú ìbéèrè báyìí. A ó ní, “`float` ló fà á,” a ó sì kọjá lọ. `float` ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà tó ní àmì ẹ̀sún nínú, ó sì ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ méjì yìí kì í ṣe ọwọ́ `float` ló ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ilẹ̀ wa kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀gágun Yakubu Gowon tí ẹ̀sítéètì náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wà lórí oyè nígbà tí gbogbo Nàìjíríà bá irú rẹ̀ pàdé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1973.

Ọjọ́ yẹn la fi pọ́ùn, ṣílè àti pẹ́nì sílẹ̀, tí a bọ́ sórí náírà àti kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá owó àtijọ́ yẹn, bó ṣe rí nìyí: pẹ́nì 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 ló ń jẹ́ pọ́ùn kan. Ìjọba wá ní ṣílè mẹ́wàá ni náírà kan, kọ́bọ̀ 100 ni náírà kan. Ó túmọ̀ sí pé pọ́ùn kan di náírà méjì gééré, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá gééré. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kan fi ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè títí di òní. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún pọ́ùn ní báńkì jí, ó rí ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Kò sí ìjà.

Ìjà wà nísàlẹ̀, lọ́dọ̀ pẹ́nì. Bí pẹ́nì 12 bá jẹ́ kọ́bọ̀ 10, pẹ́nì kan jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà kọ́bọ̀, ìyẹn 0.8333, tí 3 ibẹ̀ kò sì ní dáwọ́ dúró láé. Orúkọ náà tún dá kún ìdàrúdàpọ̀, torí kí náírà tó dé ni Yorùbá ti ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ àtijọ́ 12 ló ń wọ ṣílè, kọ́bọ̀ tuntun 10 ló ń wọ̀ ọ́. Orúkọ kan náà, ìwọ̀n méjì.

Àwọn tó ṣe owó náà mú owó ẹyọ ìdajì kọ́bọ̀ jáde pẹ̀lú, ó sì ran àwọn iye kan lọ́wọ́. Tọ́rọ́, tó jẹ́ pẹ́nì mẹ́ta, di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀ gééré. Sísì, tó jẹ́ pẹ́nì mẹ́fà, di kọ́bọ̀ márùn-ún gééré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú ohun tí wọ́n ń tà ní pẹ́nì mẹ́rin wò. Mẹ́ta rẹ̀ ló ń jẹ́ ṣílè kan. Nínú owó tuntun, pẹ́nì mẹ́rin jẹ́ kọ́bọ̀ 3.333. Kò sí owó ẹyọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó súnmọ́ ọn jù ni kọ́bọ̀ mẹ́ta àbọ̀. Bí ìyá ọlọ́jà bá wá pe iye yẹn, tí oníbàárà ra mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́bọ̀ 10½ ló máa san. Bí oníbàárà kejì bá ní kí wọ́n fún òun ní ọjà ṣílè kan, mẹ́ta kan náà ló máa gbà, kọ́bọ̀ 10 ló sì máa san. Ìdajì kọ́bọ̀ ló wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kan jẹ. Ẹnì kan sún iye sí èyí tó súnmọ́ ọn kó tó rò ó pọ̀, ẹnì kejì rò ó pọ̀ kó tó sún un.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Àròpọ̀ àwọn iye tí a ti sún kì í fi dandan bá iye tí a sún lẹ́yìn àròpọ̀ mu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fúláàtì mẹ́fà wa náà nìyẹn. ₦25,000 tí a bá pín sọ́nà mẹ́fà jẹ́ ₦4,166.666, tí 6 ibẹ̀ kò lópin. Áàpù náà mọ iye gígùn yẹn, òun ló sì rò pọ̀ tó fi rí ₦25,000 pé. Ṣùgbọ́n iye tí ojú wa rí ti gba ìdá mẹ́ta kọ́bọ̀ kún ara. Ìdá mẹ́ta kọ́bọ̀ lọ́nà mẹ́fà, kọ́bọ̀ méjì nìyẹn. Ẹ lo pẹ́ńsù àti bébà, ẹ óò rí kọ́bọ̀ méjì kan náà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí olè. Sísún iye kan sí kọ́bọ̀ tó súnmọ́ ọn jù kò lè fi ju ìdajì kọ́bọ̀ lọ kún un tàbí yọ kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, bí ìlà mẹ́fà bá wà nínú ìwé, ìyàtọ̀ tí sísún lè fà kò lè ju kọ́bọ̀ mẹ́ta lọ. Ìlà ogún kò lè ju kọ́bọ̀ mẹ́wàá lọ. Bí ìwé onílà mẹ́fà bá fi náírà kan yàtọ̀ sí àròpọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ló sún un. Ẹ wá ìlà tí wọ́n fò, tàbí owó báńkì tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká fún `float` ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, nítorí òun náà ní ìtàn tó jọ ti pẹ́nì. Ohun tó jẹ́ kí pẹ́nì má lè wọ inú kọ́bọ̀ ni pé ìdá méjìlá ni pẹ́nì nínú ṣílè, àwa sì ń ka owó tuntun ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìdá mẹ́ta kò sí nínú mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kì í ka nǹkan ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Méjì-méjì ló ń kà á. Ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, ìdá mẹ́rìndínlógún, irú wọn ló mọ̀. Bí ẹ bá ní kó kọ kọ́bọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ bí ìdá mẹ́wàá náírà, á bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdá pọ̀: 1/16 pẹ̀lú 1/32, ó di 0.09375, ó fi 1/256 àti 1/512 kún un, ó di 0.099609375. Ó ń súnmọ́ 0.1, kò sì ní dé ibẹ̀ láé, bí 0.8333 kò ṣe lè parí. Ìlànà IEEE 754 tó jáde ní 1985, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n William Kahan kó ipa ńlá nínú rẹ̀, ló sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe gbọ́dọ̀ gé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Nínú `float` tí ọ̀pọ̀ èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà ń lò, àyè 53 ló wà fún nọ́ńbà náà, ó lé díẹ̀ sí àyè 15 ní ìṣirò tiwa. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀, sísún ni.

Ẹ wo bí èyí ṣe rí tí a bá fi owó ẹyọ ọdún 1973 wò ó. Márùn-ún ni wọ́n: ìdajì kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ márùn-ún, kọ́bọ̀ mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ 25. Bí a bá kọ wọ́n ní náírà sínú `float`, kọ́bọ̀ 25 nìkan ló wọlé gééré, torí ìdá mẹ́rin ni. Nínú gbogbo iye láti kọ́bọ̀ kan dé kọ́bọ̀ 99, 25, 50 àti 75 nìkan ni kọ̀ǹpútà lè kọ báyìí láìsún un. Àwọn yòókù, ẹ̀dà tó súnmọ́ wọn ló ń tọ́jú.

Èyí ni kọ́bọ̀ mẹ́wàá tí a rò pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú Páítọ̀nì:

```python
total = 0.0
for i in range(10):
    total += 0.1
print(total)             # 0.9999999999999999
print(int(total * 100))  # 99
```

Ìlà kẹrin ni ẹ̀ṣẹ̀ `float` gan-an, ó sì kéré débi pé kò sí owó tó lè wọ inú rẹ̀. Tí àròpọ̀ bá wà ní nǹkan bí ₦25,000, ìrópọ̀ kan ṣoṣo kò lè ṣìnà kọjá nǹkan bí ìdá méjì nínú tírílíọ̀nù kan náírà. Kí irú ìyẹn tó kó jọ di kọ́bọ̀ kan fúnra rẹ̀, a ó rò ó pọ̀ ju bílíọ̀nù kan ìgbà lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé kì í ṣe `float` ló fa kọ́bọ̀ méjì ti àwọn aráalé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà karùn-ún. Àṣẹ `int` kì í sún nọ́ńbà sí èyí tó súnmọ́ ọn. Ṣe ló ń gé ohun tó wà lẹ́yìn àmì ẹ̀sún sọnù. Kọ́bọ̀ 99.99999999999999 wá di 99. Àṣìṣe tí ojú kò lè rí tẹ́lẹ̀ ti di odidi kọ́bọ̀ kan. Ọ̀nà kìíní tí `float` ń gbà wọ inú ìwé owó nìyẹn: ẹnì kan ló ń gé níbi tó yẹ kó ti sún.

Ọ̀nà kejì ni ìdajì kọ́bọ̀. Bí iye bá dúró sí àárín méjì gééré, òfin tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ ní ilé ìwé ni pé ká sún un sókè. Náírà kan àti ìdajì kọ́bọ̀, ₦1.005, gbọ́dọ̀ di ₦1.01. Ẹ tẹ èyí sínú bíráúsà yín:

```js
(1.005).toFixed(2)   // "1.00"
```

Kọ̀ǹpútà kò ṣẹ òfin. Iye tó tọ́jú síkùn kì í ṣe 1.005, ó fi bíńtín kéré sí i, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló súnmọ́. Owó ẹyọ tí wọ́n ṣe ní 1973 kí tọ́rọ́ má bàa sọnù gan-an ni `float` kò lè dì mú. Irú iye báyìí kò sì ṣọ̀wọ́n, torí owó orí ọjà ní Nàìjíríà ti jẹ́ 7.5% láti oṣù kejì ọdún 2020. Ọjà ₦355, owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦26.625, àárín kọ́bọ̀ méjì gééré. Tí risíìtì bá ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ méjì, tí a sún ìkọ̀ọ̀kan sókè sí ₦26.63, àròpọ̀ ojú á jẹ́ ₦53.26. Ẹni tó bá ro owó ọjà pọ̀ kó tó ṣírò owó orí á rí ₦53.25.

A lè ní kọ́bọ̀ kò já mọ́ nǹkan. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ kì í ṣe bó ṣe kéré, bí kò ṣe pé ojú ọ̀nà kan náà ló ń lọ nígbà gbogbo. Ní oṣù kìíní 1982, ilé ìṣòwò ìpín ìdókòwò ìlú Vancouver ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé nọ́ńbà kan tó ń fi bí ọjà ṣe ń lọ hàn. Wọ́n fi 1,000 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí iye ìpín kan bá yí padà, ìyẹn nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà lóòjọ́, kọ̀ǹpútà wọn á tún un ṣírò, á sì gé e sí àyè mẹ́ta lẹ́yìn àmì ẹ̀sún dípò kó sún un. Ohun tí wọ́n gé lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 1983, nọ́ńbà náà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 524, bẹ́ẹ̀ ọjà kò bàjẹ́. Wọ́n tún un ṣírò bó ṣe yẹ, ó lé ní 1,098. Sísún ì bá gbé e sókè nígbà mìíràn, ì bá sì gbé e wálẹ̀ nígbà mìíràn, àwọn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn. Gígé kì í gbé nǹkan sókè láé.

Kí wá ni ká ṣe? Gánà ti dán ìdáhùn kan wò ṣáájú wa. Nígbà tí wọ́n mú sídì jáde ní oṣù keje 1965, wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní pẹ́nì kan ni pẹ́sẹ́wà kan, pẹ́sẹ́wà 100 sì ni sídì kan. Kò sí ohun tó ní iye nínú pẹ́nì tí kò ní iye gééré nínú pẹ́sẹ́wà. Ọjà pẹ́nì mẹ́rin di pẹ́sẹ́wà mẹ́rin, mẹ́ta rẹ̀ di méjìlá. Ìyá ọlọ́jà kò ní ohunkóhun láti sún.

Ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá kọ̀ láti fi náírà sínú `float`, tí a wá tọ́jú gbogbo owó ní kọ́bọ̀ odidi. ₦25,000 di 2,500,000. Odidi nọ́ńbà ni, kọ̀ǹpútà sì ń kọ odidi nọ́ńbà báyìí láìgé ohunkóhun. A wá pín in:

```python
share, rest = divmod(2500000, 6)
print(share, rest)   # 416666 4
```

Fúláàtì kọ̀ọ̀kan gba kọ́bọ̀ 416,666, kọ́bọ̀ mẹ́rin sì ṣẹ́kù. Kọ́bọ̀ mẹ́rin yìí kò ṣeé fi pamọ́ mọ́. Ó ti jáde síta, ó ń wá ẹni tó máa ru ú. A ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí fúláàtì mẹ́rin. Mẹ́rin á san ₦4,166.67, méjì á san ₦4,166.66. Ẹ rò ó pọ̀: ₦16,666.68 pẹ̀lú ₦8,333.32 jẹ́ ₦25,000.00. Àwọn iye tí ojú rí àti àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ti bá ara wọn mu, torí kò sí iye kankan tó wà lẹ́yìn ojú mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ ìṣirò. Ta ni àwọn méjì tó san dín? Bí a bá ń bẹ̀rẹ̀ láti fúláàtì kìíní lóṣooṣù, àwọn mẹ́rin kan náà ni yóò máa ru kọ́bọ̀ náà títí, bí gígé ti Vancouver. Òfin ni a nílò, kí a sì gbé e kalẹ̀ kí owó tó dé: ká máa yí ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ padà lóṣooṣù, ká sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo aráalé ti lè kà á. Bákan náà ni owó orí ọjà: ká pinnu bóyá ìlà kọ̀ọ̀kan la ó máa sún tàbí àròpọ̀, ká má sì ṣe ọ̀kan lójú risíìtì kí a ṣe èkejì nínú ìwé ọdọọdún.

Ọ̀nà ti Gánà náà ní ibi tó mọ. Bí pẹ́nì ṣe wọ inú pẹ́sẹ́wà gééré, pọ́ùn kan di sídì 2.40, sídì kan sì di ṣílè mẹ́jọ àti pẹ́nì mẹ́rin, iye tí kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti fi orí pín. Ní 1967 wọ́n yí i padà: sídì tuntun di ṣílè mẹ́wàá. Pọ́ùn di méjì gééré, pẹ́nì sì di ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà pẹ́sẹ́wà. Ìṣirò kan náà tí Nàìjíríà mú ní 1973 ni. Ẹni tó yan òkè yóò ní ìyókù nísàlẹ̀, ẹni tó yan ìsàlẹ̀ yóò ní i lókè. Àwa náà tí a ń ka kọ́bọ̀ lódidi, tí dọ́là bá ti wọ inú ìwé náà, tàbí èlé tí a ń ṣírò lójoojúmọ́, ìdá kọ́bọ̀ á tún yọjú, a ó sì tún pinnu ìlà tí a ó ti sún un.